Apẹ̀rẹ̀ Èso Tí Mo Gbé Lọ Kí Ìyá Àfẹ́sọ́nà Mi

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n lọ kí ìyá àfẹ́sọ́nà mi ní Ìwó fún ìgbà àkọ́kọ́ nígbà tí ìyá mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ mú lọ. Mo ní léèsì ni. Mo ti rí ọ̀kan ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn, aláwọ̀ ewé, yáàdì márùn-ún, ó sì ti tó oṣù méjì tí mo ti ń tọ́jú owó rẹ̀. Ìyá mi ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Wọn ò tíì mọ orúkọ tí wọ́n máa pè ọ́, o ti fẹ́ wọ̀ wọ́n láṣọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo rò pé ahun ni wọ́n fẹ́ kí n ya. Ó gbà mí lọ́jọ́ méjì kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe owó léèsì ni wọ́n ń wò, ohun tí léèsì náà máa sọ ni.

Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹrù ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Àroko ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọ́n bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé wọ́n ń fa òun mọ́ra ni, torí ẹ̀ẹ́fà ni, fífà ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi òòyà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyapa ló dé. Fóònù la fi ń ránṣẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n àroko ò tíì kúrò láàárín àna sí àna. Ohun tí o bá kọ́kọ́ gbé wọlé, ìyá ilé á kà á. Léèsì sì jẹ́ aṣọ tí ẹbí méjèèjì fi ń bọ̀wọ̀ fún ìyá ara wọn nígbà tí ìgbéyàwó bá ti pé. Bí mo bá gbé e lọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ilé wọn, mo ti sọ pé ìyàwó ni mí kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Mo tún ti gbé gbèsè lé wọn lórí, torí ìyá tó bá gba léèsì lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ yóò máa wá ohun tó tó o láti fi dá a lóhùn.

Ohun tí mo wá rí nìyí: ẹ̀bùn ọjọ́ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkíni, kó má sì ju ìkíni lọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìdána kúrò. A mọ ẹrù ìdána: orógbó, obì, ataare, oyin, iyọ̀, ààdùn, ìrèké, iṣu, epo pupa, ẹja gbígbẹ. Iye tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń béèrè yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n méjìlélógójì ló wọ́pọ̀ fún iṣu, obì àti orógbó. Ẹrù wọ̀nyí ní ọjọ́ tiwọn, wọ́n ní àwọn tó ń gbé wọn wá àti àwọn tó ń gbà wọ́n, wọ́n sì ní àdúrà tí a ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe. Ọkùnrin tó bá gbé ìgò oyin kan àti iṣu márùn-ún lọ kí ìyá ọmọge lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti mú díẹ̀ nínú ẹrù ìdána dé láìsí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn ìyá kan á fi ẹ̀rín gbà á, wọ́n á sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí bàbá ọmọ yóò fi dé, torí wọn ò mọ̀ bóyá bí àwọn bá jẹ ẹ́, àwọn ti dáhùn nìyẹn. Ó tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọmọge náà bá jẹ́ Íbò. Ọtí àti obì ni wọ́n fi ń kan ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ tiwọn, ìyẹn ni pé òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbéyàwó. Ọmọ Yorùbá tó rò pé òun kàn gbé ohun mímu dání lásán lè bá ara rẹ̀ láàárín àwọn àgbà tó ń bi í pé àwọn èèyàn rẹ̀ dà.

Obì jẹ́ kí n ronú ju gbogbo wọn lọ, torí ìyá mi àgbà ló dá a lábàá. Wọ́n ní Alhaja ni ìyá yìí, àwọn àgbà Mùsùlùmí sì fẹ́ràn gbànja, kí n ra márùn-ún tó gbó dáadáa. Òótọ́ ni pé gbànja jẹ́ ẹ̀bùn ọ̀wọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n obì wà nínú ẹrù ìdána, obì àbàtà tó jẹ́ ìbátan gbànja ni a fi ń bọ òrìṣà, àwọn ìjọ kan ò sì fẹ́ rí i nínú ilé wọn rárá. Ohun tó bá ní ìtumọ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò yẹ lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò tíì mọ̀.

Mo wá bi àfẹ́sọ́nà mi léèrè pé kí ni ìyá rẹ̀ kì í jẹ. Ó ní, "Wọ́n ń jẹ gbogbo nǹkan." Ẹ má gba irú ìdáhùn yìí lẹ́nu ọmọkùnrin. Kì í ṣe pé ó parọ́. Ọmọ bàbá rẹ̀ ni, èèwọ̀ ilé bàbá rẹ̀ ló mọ̀, ìyá rẹ̀ sì ti ilé mìíràn wá. Obìnrin tó lọ sílé ọkọ kì í sábà fi èèwọ̀ ilé bàbá tirẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn ń pa á mọ́ jẹ́ẹ́ ni. Bí ó bá ń sebẹ̀, á yọ ẹran tàbí ẹja tí kì í jẹ kúrò nínú tirẹ̀, àwọn ọmọ á jẹun yó láìfura. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó bá a wọ ilé ìdáná ló máa ń mọ̀. Nítorí náà, mo gba nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, mo sì pè wọ́n.

Inú wọn dùn pé mo pè. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbọ́ ohun tí àfẹ́sọ́nà mi ò mọ̀ láti ọdún tí a ti ń fẹ́ra. Agbo ilé oníṣàngó ni wọ́n ti bí ìyá wọn. Mùsùlùmí ni wọ́n láti kékeré, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ ẹ̀wà sèsé rí, wọn kì í sì í fi obì sẹ́nu, torí orógbó ni ti Ṣàngó, obì kọ́. Mo rántí gbànja márùn-ún tí ìyá mi àgbà ní kí n rà. Wọ́n tún sọ fún mi pé ìyá ti ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ti tó ọdún mẹ́ta, wọn ò fẹ́ kí aládùúgbò kankan mọ̀. Wọ́n ní ìyá ń gbé pẹ̀lú àbúrò wọn obìnrin kan àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó wá sí mi lọ́kàn lójijì: ohun tí àlejò tó gbẹ̀yìn gbé wá, kí ni ìyá fi ṣe? Wọ́n ní, "Bisikíìtì inú agolo ni. Wọ́n pín in fún gbogbo ilé kí ilẹ̀ tó ṣú." Ìdáhùn yẹn wúlò fún mi ju gbogbo ìyókù lọ. Mo mọ̀ pé ìyá tó ń pín nǹkan ni. Ẹ̀bùn tó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan yóò dá a lágara.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan tó láti ba ẹ̀bùn jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ra àǹkàrá olówó ńlá fún ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀, aṣọ dúdú tí wọ́n ya òdòdó pupa sí. Ọmọ ìjọ Sẹ́lẹ́ ni ìyá náà, ìjọ Sẹ́lẹ́ kì í sì í jẹ́ kí ọmọ ìjọ wọ dúdú tàbí pupa. Ìyá náà dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà, wọn ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi sọ pé aṣọ náà wà lórí àga tí òun gbé e sí títí òun fi kúrò níbẹ̀. Mo ti wá mọ̀ pé àmì kan nìyẹn. Ohun tó bá wu ìyá, á fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọ yàrá, tàbí kó pe ọmọ kan pé kó bá òun gbé e wọlé. Èyí tí kò lè lò á wà níbi tí o gbé e sí, ọ̀rọ̀ á sì kọjá lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ẹni tó bá gbé ẹja àrọ̀ yíyan tàbí ìgbín lọ fún ìyá tó jẹ́ ọmọ ìjọ Adífẹ́ńtì. Ẹja tí kò ní ìpẹ́ àti ìgbín wà lára ohun tí wọ́n kà sí àìmọ́. Ẹran fún ìyá Mùsùlùmí náà gba ìṣọ́ra. Bí ẹran náà bá tilẹ̀ jẹ́ ti màlúù, wọn ò mọ ẹni tó dú u.

Àfẹ́sọ́nà mi dábàá wáìnì tí kò ní ọtí nínú. Mo kọ̀. Ìgò wáìnì ni ìgò wáìnì. Lẹ́tà kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ni yóò sọ pé kò ní ọtí, ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ò sì ní wọ awò ojú kó tó pinnu irú ọmọ tí mo jẹ́. Bí aládùúgbò bá sì wọlé bá ìgò náà lórí tábìlì Alhaja, ta ni yóò máa ṣàlàyé?

Mo tún ronú nípa oúnjẹ sísè, torí mo mọ mọ́ínmọ́ín sè. Ìyá mi ní rárá, wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ bò fún mi. Ìyá ọlọ́mọ kì í jẹ oúnjẹ tí àjèjì sè wá. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ. Gbogbo ìyá tó bí ọmọ tó dàgbà ti gbọ́ ìtàn ohun tí wọ́n fi sínú oúnjẹ. Bí o bá gbé abọ́ tí o sè fúnra rẹ síwájú wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o ti fi wọ́n sáàárín ìtìjú àti ìbẹ̀rù: bí wọn ò bá jẹ, wọ́n ti bú ọ, bí wọ́n bá jẹ, ọkàn wọn ò balẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe dé orí èso. Àwọn èèyàn ka èso sí ẹ̀bùn tí kò ṣòroó rò, mo sì rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tí mo ti yọ kúrò, mo rí i pé òun nìkan ló kọjá níbi gbogbo. Mùsùlùmí ń jẹ ẹ́, Sẹ́lẹ́ ń jẹ ẹ́, Adífẹ́ńtì ń jẹ ẹ́, oníṣàngó ń jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbé e wá síbi ìdána, kì í ṣe ara ohun tí a ń fi ṣe àdúrà níbẹ̀. Ó ṣeé pín fún gbogbo ilé. Kì í pẹ́ kó tó tán, nítorí náà kì í dúró nílé bíi gbèsè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, èèpo ara rẹ̀ ni èdìdì rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ni yóò mú ọ̀bẹ, tí yóò bó o, tí yóò sì rí inú rẹ̀. Nítorí èyí, mo mú kìkì èso tí a ń bó tàbí tí a ń là: ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì, ìbẹ́pẹ méjì, ọsàn méjìlá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ọwọ́ kan. Mo fi èso àjàrà sílẹ̀, torí bí a ti rà á ni a ń jẹ ẹ́, ó sì máa ń fọ́ nínú mọ́tò. Mo fi wọ́tàmẹ́lọ̀n náà sílẹ̀. Ó wúwo, bí wọ́n bá sì ti là á, ó di dandan kí wọ́n jẹ ẹ́ tán kíákíá.

Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni mo fi jókòó jù lọ. Èso ní ṣúgà, kò sí àní-àní. Odindi èso ní okùn tín-ín-rín nínú, èyí tí wọ́n ń pè ní fáíbà lédè Gẹ̀ẹ́sì, okùn yẹn kì í jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì yàtọ̀ gan-an sí omi èso inú páálí, tí wọ́n ti yọ okùn kúrò nínú rẹ̀, tí ife kan rẹ̀ sì lè jẹ́ omi ọsàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nítorí náà, mi ò ra omi èso páálí kankan, mi ò ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, mi ò ra ohun mímu ṣokoléètì onísúgà inú agolo tí gbogbo èèyàn ń gbé lọ kí àgbàlagbà. Mo mú ìbẹ́pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n dípò èyí tó ti rọ̀, mo sì mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ ṣì jẹ́ aláwọ̀ ewé, torí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ṣe ń pọ́n sí i ni ṣúgà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo fi agolo wàrà oníyẹ̀fun kan kún un, èyí tí wọn ò fi ṣúgà sí. Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi pé ìyá ń fi wàrà mu tíì láràárọ̀. Agolo náà ní èdìdì, gbogbo ilé ló lè lò ó, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ̀ nípa àìsàn wọn. Mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí èyí. Bí mo bá gbé oúnjẹ tí wọ́n kọ orúkọ àìsàn náà sí lára dé iwájú àbúrò wọn àti àwọn ọmọ-ọmọ, mo ti tú àṣírí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí mi.

Ọjà Bódìjà ni mo ti rà á ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ. Obìnrin tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó kọ́ mi láti gbóòórùn ìdí rẹ̀: bí ó bá ń ta sánsán, ó ti pọ́n; bí ó bá ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti ń bàjẹ́ nínú. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ tí kò ní ìdérí. Mi ò fi bébà olódòdó wé e. Ẹrù tí a wé pa máa ń jẹ́ kí àgbàlagbà rò pé ó yẹ kí òun tú u lójú àlejò, ọ̀pọ̀ wọn ò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tí ojú rẹ̀ là ń fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn láti ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí a dé, mi ò gbé e lé wọn lọ́wọ́. Mo fi í fún àbúrò àfẹ́sọ́nà mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo kí àbúrò wọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n bi mí nípa ọ̀nà, nípa ìyá mi, nípa iṣẹ́. Wọ́n fún mi lómi. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti rọlẹ̀ díẹ̀ ni mo tún kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì fa apẹ̀rẹ̀ náà sún mọ́ wọn, mo ní, "Màmá, mo ní kí n má wá lọ́wọ́ òfo. Kò tó nǹkan, ẹ bá mi gbà á." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ lórí rẹ̀ nìyẹn. Mi ò sọ ibi tí mo ti rà á, mi ò sọ pé ó dára fún ara.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé apẹ̀rẹ̀ náà, wọ́n ṣàdúrà, gbogbo wa ní àmín. Lẹ́yìn náà wọ́n pe ọmọ-ọmọ wọn kan pé kó mú ọ̀bẹ àti àwo wá. Wọ́n fọwọ́ ara wọn bó ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan, wọ́n gé e, ẹ̀là àkọ́kọ́ sì ni wọ́n nà sí mi. Mo mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Láti ayébáyé, ẹni tó gbé nǹkan wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àwọn kan tí mo sọ ìtàn yìí fún ní àwọn ì bá ti sọ pé àwọn ti yó, torí ojú ń tì wọ́n láti jẹ nínú ohun tí wọ́n gbé wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, mo jẹ ẹ́ tán níwájú wọn. Mo rí i pé èjìká wọn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Wọ́n fún àbúrò wọn, wọ́n fún àwọn ọmọ, ẹ̀là tín-ín-rín kan ló sì kù sọ́wọ́ àwọn fúnra wọn. Agolo wàrà ni wọ́n ní kí wọ́n gbé wọ yàrá.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n fún mi ní owó ọkọ̀. Mo fẹ́ kọ̀ ọ́, àfẹ́sọ́nà mi wò mí, mo bá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo sì kúnlẹ̀. Wọ́n dá apẹ̀rẹ̀ mi padà pẹ̀lú ọ̀rá èlùbọ́ kan nínú rẹ̀ tí wọ́n so dáadáa, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé e fún ìyá mi.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Wọ́n ní àwọn ń dúpẹ́ àná. Mo ní kí wọ́n má dúpẹ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀pẹ̀ òyìnbó kejì ti lọ sí ilé ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ nígbà tí àwọn bá lọ sọ́jà, ìbẹ́pẹ kan ti lọ sọ́dọ̀ ìyá ìmáàmù, àwọn ọmọ ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán kí wọ́n tó sùn, ọsàn mẹ́fà ló kù. "Ìbẹ́pẹ kejì," wọ́n ní, "mo gé díẹ̀ nínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò dùn jù. Bó ṣe yẹ mí gẹ́lẹ́ nìyẹn."